Síkáànì àkọ́kọ́ ní ìbejì ni: ẹ bá mi ka ìwé tí wọ́n fún mi

Ẹlẹ́lùbọ́_Bódìjà (Ọjọ́bọ̀, alẹ́)

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀yin àbúrò. Èlùbọ́ ni mò ń tà ní ọjà Bódìjà n'Íbàdàn. Ọmọ mi kan ṣoṣo ti pé ọdún 6. Oyún tuntun yìí kò jọ ti ìṣáájú rárá. Èébì àárọ̀ ti di ti àárọ̀, ti ọ̀sán àti ti alẹ́. Eruku èlùbọ́ tí mo ti ń fà símú láti ọdún 9 wá di ohun tí n kò lè gbóòórùn mọ́. Ìyá tó ń ta ẹ̀wà ní ìsọ̀ ẹ̀gbẹ́ mi ló wò mí títí, ó ní, “Ikùn yìí ti ju oṣù rẹ̀ lọ. Lọ wò ó.”

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo fi àpò èlùbọ́ méjì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Ṣakí sílẹ̀ lọ́wọ́ oníọmọlanke, mo ní mo ń bọ̀ láìpẹ́. Ọkùnrin tó ń ṣe síkáànì náà fi nǹkan tútù pa mí níkùn, ó ń yí ẹ̀rọ kiri, kò sọ̀rọ̀. Ó pẹ́ tí kò fi sọ̀rọ̀, àyà mi já. Mo bi í pé, “Ṣé kò sí ni?” Ó ní, “Wọ́n wà, màmá.” Mo gbọ́ “wọ́n” yẹn, ṣùgbọ́n n kò gbà á gbọ́ àfìgbà tó yí ojú ẹ̀rọ sí mi. Mo rí ilé kékeré méjì, ohun kan ń ṣẹ́jú wẹ́wẹ́ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ní ọkàn wọn nìyẹn. Mo rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà omi bọ́ lójú mi, lẹ́yìn ìyẹn ni mo rántí àpò méjì tó wà létí títì.

Èrò pọ̀ níta, ẹnikẹ́ni kò jókòó ṣàlàyé. Ìwé tí wọ́n fún mi, àbúrò ọkọ mi tó bá mi kà á ní ó sọ pé ìbejì tó wà láàyè ni, pé oyún jẹ́ ọ̀sẹ̀ 12 àti ọjọ́ 3 lọ́jọ́ yẹn, àti pé ibi ọmọ wà níwájú ikùn. Ó parí síbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni mo fẹ́ lọ forúkọ sílẹ̀ fún ìtọ́jú aboyún. Kí ni kí n béèrè lọ́wọ́ wọn? Ẹ dákun, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ni kó dáhùn.

Bọ́ọ̀dá_Táyé

Ẹ kú oríire, màmá wa. Èmi fúnra mi ni Táíwò. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ má ta ìsọ̀ yín. Ìyá wa ta ti tiẹ̀ nígbà tó gbọ́ pé àwa méjì la wà, ó ní òun ò ní lè dá a ṣe. Nígbà tí a pé ọdún 2 tó fẹ́ padà sọ́jà, owó ìsọ̀ ti ga kọjá agbára rẹ̀. Ó di ẹni tó ń kiri. Ẹ wá ẹni tó máa bá yín jókòó sí i.

Ẹlẹ́lùbọ́_Bódìjà

Ẹ ṣé, bọ́ọ̀dá. N kò tíì ronú títa ìsọ̀ o, ìbéèrè ilé ìwòsàn ni mò ń béèrè. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìyá yín wọ̀ mí lára, mo ti fi sọ́kàn.

Màmá_Ọlá

Níwọ̀n ìgbà tí ìwé ti sọ pé ibi ọmọ wà níwájú, tí kò sọ pé méjì ni, ibi ọmọ kan ni wọ́n ń pín nìyẹn. Ọ̀kan náà ni wọ́n máa jẹ́, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ sí í ra aṣọ aláwọ̀ kan náà. Ohun tí mo mọ̀ ni pé bó bá jẹ́ ọkùnrin kan obìnrin kan, ibi ọmọ méjì ni. Bó bá jẹ́ akọ méjì tàbí abo méjì, ibi ọmọ kan ni. Nítorí náà, ẹ ní sùúrù kó tó oṣù karùn-ún tí wọ́n máa fi rí bóyá akọ tàbí abo ni wọ́n, ẹ ó mọ̀ ọ́n láìnáwó kún un.

Ìyá_Èjìrẹ́_Ìgbòọrà

Ọmọ mi, Èdùmàrè á sọ̀ ọ́ láyọ̀. Ìbejì ẹ̀ẹ̀mejì ni mo bí, ní Ìgbò-Ọrà níbí. Ẹni tó sọ̀rọ̀ lókè yẹn, ẹ má bínú sí mi. Obìnrin méjì ni àkọ́kọ́ tèmi, ibi ọmọ méjì la sì sin sẹ́yìn ilé, ìkòkò kọ̀ọ̀kan. Ojú mi ló ṣe. Nítorí náà, abo méjì kò sọ pé ibi ọmọ kan ni.

Àwọn àlejò tó máa ń wá bá wa ní Ìgbò-Ọrà ń béèrè ohun tí a ń jẹ, àwa náà máa ń sọ pé ìlasa àti ọkà ni. Bóyá bẹ́ẹ̀ ni, bóyá bẹ́ẹ̀ kọ́, àbúrò mi jẹ ìlasa tó mi, kò bí ìbejì kankan. Ìyá mi àti ìyá ìyá mi bí wọn ní tiwọn.

Aláwòrán_Inú

Ẹ kú alẹ́, màámi. Iṣẹ́ síkáànì ni mò ń ṣe, ó ti lé ní ọdún 10. Ìbéèrè yín bọ́ sákòókò, nítorí nǹkan kan wà tí ìwé yẹn kò sọ, ọjọ́ tí a lè fi rí i dáadáa sì ti fẹ́ tán.

Ohun tí ẹ máa béèrè ni: ṣé ibi ọmọ kan ni àwọn ọmọ yìí ń pín, àbí ẹnì kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀? Gbogbo bí wọ́n á ṣe máa tọ́jú yín láti ìsinsìnyí títí dé ìbí dúró lórí ìdáhùn rẹ̀.

Màmá Ọlá, apá kan ọ̀rọ̀ yín tọ̀nà. Bó bá jẹ́ ọkùnrin kan obìnrin kan, a lè gbà pé ibi ọmọ méjì ni. Ṣùgbọ́n akọ méjì tàbí abo méjì kò sọ nǹkan kan fún wa, bí ìyá Ìgbò-Ọrà ti rí i. Ọ̀pọ̀ ìbejì tí Yorùbá ń bí, láti inú ẹyin méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti wá, ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ló sì ní ibi ọmọ tirẹ̀, ì báà jẹ́ abo méjì. Ẹyin kan tó pín sí méjì náà sì lè ní ibi ọmọ méjì, bó bá tètè pín. Ìdí nìyí tí àwọn kan nínú àwa oníṣẹ́ yìí fi máa ń rò pé “méjì ni, ó ṣáà jẹ́ ìbejì Yorùbá,” tí wọn kò sì ní wò ó. Àṣìṣe ni.

Gbólóhùn “ibi ọmọ wà níwájú” náà kò dáhùn ìbéèrè yìí. Ibi ọmọ méjì tó gbilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn máa ń lẹ̀ mọ́ra, wọ́n á wá dà bí ọ̀kan lójú ẹ̀rọ. Ibi tí a ń wò ni ìdí awọ tó pín àwọn ọmọ méjèèjì níyà, níbi tó ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ lára ibi ọmọ. Bó bá jẹ́ méjì tó lẹ̀ mọ́ra, ẹran ibi ọmọ máa ń yọ ṣóńṣó wọ àárín awọ náà bí òrùlé ilé, awọ fúnra rẹ̀ á sì nípọn. Bó bá jẹ́ ọ̀kan, awọ tín-ín-rín ni, ó máa ń dúró gbangba lórí ibi ọmọ bí lẹ́tà T.

Ṣóńṣó yẹn kì í dúró dè wá. Láti ọ̀sẹ̀ 11 títí dé ọ̀sẹ̀ 13 àti ọjọ́ 6 ló máa ń hàn dáadáa. Lẹ́yìn ìyẹn ó máa ń fẹ̀, ó máa ń tẹ́, awọ á tín-ín-rín, ẹni tó bá wò ó lóṣù karùn-ún lè má rí ṣóńṣó kankan, kó sì pe ibi ọmọ méjì ní ọ̀kan. Ìṣẹ́gun tó kọjá ni ẹ jẹ́ ọ̀sẹ̀ 12 àti ọjọ́ 3, òní Ọjọ́bọ̀ ẹ jẹ́ 12 àti ọjọ́ 5. Ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni ẹ máa pé 13 àti ọjọ́ 6. Ẹ má dúró de ìforúkọsílẹ̀. Ẹ padà síbẹ̀, kí ẹ ní kí wọ́n wò ó, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé. Bí wọ́n bá kọ DCDA, ibi ọmọ méjì ni. Bó bá jẹ́ MCDA, ibi ọmọ kan ni, àpò omi méjì. Kí ẹ sì gba àwòrán ìdí awọ náà, kí dókítà lè fojú ara rẹ̀ rí i.

Ẹlẹ́lùbọ́_Bódìjà

Mo ti ka ọ̀rọ̀ yín lẹ́ẹ̀mẹta. Owó síkáànì kan tó èrè ọjọ́ mẹ́ta fún mi. Ṣé wọ́n máa ní kí n tún san?

Aláwòrán_Inú

Èyí wà lọ́wọ́ wọn. Ẹ sọ fún wọn jẹ́jẹ́ pé ìwé kò pé, pé ẹ fẹ́ kí wọ́n bá yín parí rẹ̀. Èmi kì í gba owó lẹ́ẹ̀kejì bó bá jẹ́ èmi ni n kò kọ ọ́. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ san án. Síkáànì yìí kò ṣeé sún síwájú rárá.

Ẹlẹ́lùbọ́_Bódìjà (Ọjọ́ Ajé)

Mo ti lọ. Ọ̀sẹ̀ 13 àti ọjọ́ 2. Ọkùnrin ọjọ́sí kọ́ ni mo bá, obìnrin kan ni. Kò gbowó. Mo ní kó bá mi wo ìdí awọ, ó wò mí, ó ní ta ló kọ́ mi. Ó pẹ́ lórí rẹ̀, ó ní kí n yí sí ẹ̀gbẹ́ òsì, kí n yí sí ọ̀tún. Ohun tó kọ ni MCDA. Ó fún mi ní àwòrán, T yẹn hàn gbangba, kódà èmi tí n kò mọ nǹkan kan rí i.

Ibi ọmọ kan ni wọ́n ń pín. Ẹ wá sọ fún mi báyìí, kí lèyí ń ṣe fún wọn?

Màmá_Ọlá

Mo ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé ọ̀kan ni.

Dúpẹ́_Pẹ́kàmù

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ pẹ̀lẹ́. Irú tiyín ni mo ní, ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, àwọn ọmọkùnrin mi ti pé ọdún 4. Ohun tí wọ́n ṣàlàyé fún mi ni pé nígbà tí ibi ọmọ bá jẹ́ ọ̀kan, iṣan ẹ̀jẹ̀ àwọn méjèèjì máa ń so pọ̀ lórí rẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tó ń lọ àti ohun tó ń bọ̀ máa ń dọ́gba. Nínú irú oyún yìí 100, bíi 10 sí 15 ni kì í ti í dọ́gba: ẹ̀jẹ̀ á máa ṣàn láti ara ọ̀kan sí ara èkejì. Èyí tó ń gbà á á máa tọ̀ jù, omi inú àpò rẹ̀ á pọ̀. Èyí tó ń fún un, ìtọ̀ rẹ̀ á dín, omi tirẹ̀ á gbẹ. Àwọn méjèèjì ló léwu fún, kì í ṣe èyí tó tín-ín-rín nìkan.

Láti ọ̀sẹ̀ 16 ni wọ́n ti ń pè mí fún síkáànì ní gbogbo ọ̀sẹ̀ méjì méjì. Ọ̀rẹ́ mi tí tirẹ̀ jẹ́ ibi ọmọ méjì, láti ọ̀sẹ̀ 20 ni, oṣooṣù. Mo máa ń sunkún ní gbogbo alẹ́ tó ṣáájú rẹ̀. Kò ṣẹlẹ̀ sí mi, wọ́n fi abẹ gbé wọn ní ọ̀sẹ̀ 36.

Nọ́ọ̀sì_Àgbà

Ẹ kú iṣẹ́, gbogbo yín. Agbẹ̀bí ni mí, mo ti fẹ̀yìn tì. Màmá, ẹ má dúró dìgbà tí ara bá sọ fún yín. Ìṣòro tí Dúpẹ́ sọ yẹn lè bẹ̀rẹ̀ láìjẹ́ pé ìyá mọ nǹkan kan, ìdí nìyẹn tí síkáànì ọ̀sẹ̀ méjì méjì fi wà. Bí ó bá ti dé ara ìyá, ohun tó máa ń kíyè sí ni pé ikùn fẹ̀ lọ́nà òjijì láàárín ọjọ́ díẹ̀, ó le bí ìlù, awọ rẹ̀ ń dán, kò sì lè mí dáadáa tó bá dùbúlẹ̀. Bí èyí bá ṣẹlẹ̀, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n dá fún yín.

Ní ọjọ́ síkáànì, ẹ béèrè nǹkan méjì lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣe é, kí ẹ kọ ìdáhùn rẹ̀ sínú ìwé kékeré. Omi inú àpò ọ̀kọ̀ọ̀kan, báwo ló ṣe jìn tó ní sẹ̀ǹtímítà? Ṣé ó rí àpò ìtọ̀ àwọn ọmọ méjèèjì? Kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 20, bí omi ọ̀kan bá ju 8 lọ tí ti èkejì kò sì tó 2, wàhálà ti dé. Bí àpò ìtọ̀ ọ̀kan kò bá hàn mọ́, ìyẹn náà burú. Ilé ìwòsàn kékeré kò ní lè ṣe é, ilé ìwòsàn olùkọ́ni ni kí ẹ bá lọ. N'Íbàdàn, ẹ kò jìnnà sí èyí tó tóbi.

Ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà nípa ásípírìnì kékeré tí a ń lò láti bí ọ̀sẹ̀ 12 láti dènà ẹ̀jẹ̀ ríru, torí oyún ìbejì lè fà á. Òun ló máa sọ bóyá ó bá yín mu.

Màmá_Ọlá

Ásípírìnì kẹ̀? Fún aboyún? Ìyẹn máa ń fa ẹ̀jẹ̀ dídà. Ẹ má ṣe gbà á.

Nọ́ọ̀sì_Àgbà

Èyí tí a ń lò fún orí fífọ́ ni ẹ̀ ń rò, ẹ sì jàre láti bẹ̀rù rẹ̀. Eléyìí kéré gan-an sí i. Síbẹ̀, ẹnikẹ́ni má rà á lọ́wọ́ alágbo oògùn. Dókítà ni.

Ìyá_Èjìrẹ́_Ìgbòọrà

Ilé ìyá àbíyè ni mo bí méjèèjì sí, Ọlọ́run sì yọ mí. Ṣé kò lè ṣe méjèèjì, kó máa lọ sí síkáànì kó sì bí sọ́dọ̀ agbẹ̀bí àdúgbò?

Nọ́ọ̀sì_Àgbà

Ìyá wa, ẹ ṣeun. Ilé ìwòsàn tó ní ẹ̀jẹ̀ nípamọ́ tí wọ́n lè fà sí i lára ni kó bí sí. Ilé ọmọ tó fẹ̀ fún ìbejì máa ń lọ́ra láti sún kì lẹ́yìn ìbí, ẹ̀jẹ̀ sì lè máa dà. Mo ti rí i. Ibi ọmọ kan ṣoṣo tún jẹ́ kí dókítà fẹ́ kí wọ́n jáde ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 36, agbẹ̀bí àdúgbò kò sì ní lè mú ìyẹn ṣe. Bí àkọ́kọ́ bá dorí kodò, ó ṣeé ṣe kó fúnra rẹ̀ bí wọn. Ìyẹn di ọ̀rọ̀ òun àti dókítà.

Ìyá_Èjìrẹ́_Ìgbòọrà

Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní owó ilé ìwòsàn ńkọ́? Àwọn ló pọ̀ lọ́dọ̀ wa.

Bọ́ọ̀dá_Táyé

Ìbéèrè ìyá yẹn tọ̀nà o. Síkáànì ọ̀sẹ̀ méjì méjì láti ọ̀sẹ̀ 16 dé 34, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá nìyẹn. Bí ọ̀kan bá jẹ́ èrè ọjọ́ 3, tí ẹ sì ń jáde lọ́jọ́ 6 lọ́sẹ̀, ọjọ́ 12 ni ẹ fi ń pa èrè láàárín síkáànì kan sí èkejì. Ìdá mẹ́rin èrè yín ni, ìdá kan ló ń lọ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ àjọ ọ̀tọ̀ lónìí. Ìdá kan nínú mẹ́rin èrè ojúmọ́ ni kí ẹ fún alájọ, lórí káàdì mìíràn, kí ẹ má jẹ́ kó dà pọ̀ mọ́ owó ọjà. Ọ̀sẹ̀ méjì àti ààbọ̀ ló kù kí ẹ tó pé 16, kí ẹ tó ṣe àkọ́kọ́ owó á ti wà nílẹ̀.

Ẹlẹ́lùbọ́_Bódìjà

Bọ́ọ̀dá, ìṣirò yín ló jẹ́ kí n sùn lálẹ́ àná. Mo ti sọ fún alájọ. Mo tún ti sọ fún oníọmọlanke pé òun ni kó máa gbé àpò láti títì títí dé inú ìsọ̀, n kò ní fọwọ́ kan án mọ́. Ọmọ ìyá ẹlẹ́wà tó parí ìwé mẹ́wàá ló máa bá mi wọn kóńgò lọ́sàn-án.

Ẹlẹ́lùbọ́_Bódìjà (lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta)

Mo ṣe ti ọ̀sẹ̀ 16 ní Ọjọ́ Ajé. Mo béèrè nǹkan méjèèjì. Omi ọ̀kan 4.4, ti èkejì 3.9. Àpò ìtọ̀ àwọn méjèèjì hàn. Mo kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé tí mo fi ń kọ gbèsè àwọn oníbàárà.

Dókítà ti kọ ásípírìnì kékeré fún mi, alaalẹ́ ni. Mo bi í pé bí omi bá yàtọ̀ ńkọ́, ibo ni wọ́n máa gbé mi lọ. Ó ní àwọn ń tọ́ka aláìsàn sí ilé ìwòsàn olùkọ́ni, ṣùgbọ́n bí mo bi í bóyá wọ́n ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń dí iṣan tó so pọ̀ yẹn níbẹ̀, ó ní òun máa béèrè. Ẹni tó bá mọ̀ níbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ̀wé sí mi.

Aláwòrán_Inú

4.4 àti 3.9, ó dára. Ẹ má fi nọ́ńbà yìí wé ti ẹlòmíràn, tiyín ti ọ̀sẹ̀ 18 ni kí ẹ fi wé e. Èmi náà á béèrè lọ́wọ́ àwọn tí mo mọ̀ nípa ẹ̀rọ yẹn.

Ẹlẹ́lùbọ́_Bódìjà

Ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ lọ́hùn-ún ni ti 18. Ìṣẹ́gun ni ọkọ̀ Ṣakí máa ń dé, nítorí náà kò ní dí mi lọ́wọ́. Mo máa kọ ọ́ síbí.